Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tó Ti Ṣókùnkùn

Àpò iṣu ló fẹ́ ba ayé Lois jẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ló wọ mọ́tò ní Ìyàrá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń lọ sí ọjà Kàbà, ó wo inú mọ́tò títí, kò rí ibòmíràn tó lè gbé àpò iṣu rẹ̀ lé ju orí páálí tí Lois gbé sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Lois pariwo pé, "Ìyá, nǹkan wà níbẹ̀ o!" Ìyá kí i bí wọ́n ṣe ń kíra nílẹ̀ ibẹ̀, ó ní, "Okun o, ọmọ mi. Iṣu yìí ò wúwo." Iṣu wo ni kì í wúwo? Kí Lois tó fa páálí náà jáde, ó ti gbọ́ tí nǹkan dún kẹ́ nínú rẹ̀.

Lójú ẹni tí kò mọ̀, páálí bisikíìtì lásán ni. Ṣùgbọ́n Lois ti fi bébà dúdú tẹ́ inú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ìta má baà wọlé. Tọ́ọ̀ṣì wà ní ìdí kan, àyè fóònù wà ní ìdí kejì, fóònù yìí ni yóò sì máa ka iye ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni fíltà méjì wà. Ike pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú ni wọ́n, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú skríìnì. Ọ̀kan dúró gbọin-gbọin, kì í yí. Èkejì lẹ̀ mọ́ páálí roboto kan tó ṣeé yí bí ìdérí ìgò. Lois ya ọfà sára páálí roboto yìí, ó sì kọ dígírì yí i ká, láti òdo dé 90 lápá ọ̀tún, láti òdo dé 90 lápá òsì. Ibi tí ọfà bá kọjú sí, iye dígírì tó wà láàárín fíltà méjèèjì nìyẹn.

Fíltà tó ń yí yìí ni iṣu ṣẹ́ sí méjì.

Bí ẹ bá mọ ohun tó gbé Lois jáde lọ́jọ́ náà, ẹ ó mọ ìdí tí omi fi lé ròrò sí i lójú nítorí ike kékeré. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Ìyàrá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òbí ló gbà á síṣẹ́, kì í ṣe ìjọba. Wọ́n lè ní kó máa lọ lọ́la. Yàrá tí òun àti tísà míì jọ ń gbé kò gba ọmọdé. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Ọlọ́runfẹ́mi, ti kú, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ ní Ifẹ̀-Olúkòtún ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Fìyìnfólúwa, ń gbé. Wàyí o, ilé ìwé kan ní Kàbà ń wá tísà físíìsì. Iṣẹ́ náà dúró sójú kan, ilé tísà sì wà nínú ọgbà, yàrá méjì pẹ̀lú ilé ìdáná. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ wá kọ́ kíláàsì kan níṣojú àwọn ìgbìmọ̀, kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Lois ti wá irú iṣẹ́ báyìí rí, ẹ̀ẹ̀mejì ni Fìyìn di ẹrù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì tú u. Lọ́tẹ̀ yìí, Lois ti búra pé òun ò ní sọ fún ọmọ náà. Àṣé ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ. Bí Lois ṣe ń lọ síbi mọ́tò láàárọ̀ náà ni Fìyìn pè é: "Màmá, mo ti di ẹrù mi o. Ṣé ẹ̀ẹ̀kẹta á dáa?" Ẹ gbà mí o! Kí ni èèyàn fẹ́ fèsì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Lois ní, "Á dáa, ọmọ mi." Ìlérí yẹn ló gbé wọ mọ́tò, kí iṣu tó tún wá fi tirẹ̀ kún un.

Bí ó ti bọ́ sílẹ̀ ní Kàbà, ó gba ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀wálé lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá oríta. Òkú skríìnì kún abẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Ayọ̀wálé, gbà mí. Ike iwájú skríìnì ni mo fẹ́, irú èyí tó máa ń ṣú bí èèyàn bá gbé méjì léra tó yí ọ̀kan."

"Àǹtí Lois, ẹ ò tiẹ̀ kí èèyàn." Ayọ̀wálé ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò kúkú wá fi ṣe awò ojú?"

"Kì í ṣe ọjọ́ àwàdà lèyí o. Aago mẹ́wàá ni wọ́n máa pè mí."

Ayọ̀wálé tú ẹrù, ó tú ẹrù. Kò sí skríìnì fóònù ńlá tí ike rẹ̀ ṣì dán. Èyí tó rí ni ojú tẹlifísàn kékeré kan, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé síwájú nínú mọ́tò. Ó fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná yọ ike náà jẹ́jẹ́, ó fi sípíríìtì nu gọ́ọ̀mù kúrò lára rẹ̀, ó gé e ní igun mẹ́rin. Lois gbà á, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí roboto, ó rí i dájú pé etí ike náà bá ọfà dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí. Ó ṣe tán, ó yá. Kò gbé e sójú iná wò. Kò sí àyè. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló rí ẹ̀sọ̀ rà lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ náà?

Nígbà tó dé ilé ìwé náà, ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kọ́ kíláàsì tirẹ̀ ń jáde bọ̀. Philip ni wọ́n ń pè é, ọmọ Mọ̀pà, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ta gbọingbọin. Ẹfun ìkọ̀wé nìkan ló mú lọ́wọ́. Ó rí páálí Lois, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí, ẹ tún ru ẹrù wá ni? Orí bọ́ọ̀dù ni mo ti ṣe tèmi. Kò sí wàhálà." Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ó kàn sọ òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Lois lára bí òtútù ọyẹ́.

Ìgbìmọ̀ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Madam Cecilia, ọ̀gá ilé ìwé, wà láàárín. Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wà lápá òsì, ó ń tẹ fóònù rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú wá. Lápá ọ̀tún ni Bàbá Ebenezer wà, ẹni tó ti kọ́ físíìsì títí ó fi fẹ̀yìntì, tó sì tún ṣe alábẹ̀wò ilé ìwé lẹ́yìn náà. Kò sí tísà ní gbogbo Ìjùmú dé Yàgbà tí kì í gbọ̀n bí wọ́n bá dárúkọ bàbá yìí. Fìlà rẹ̀ bò ó lójú díẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ sì wà láàárín orúnkún rẹ̀.

Lois fi orúnkún kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà."

"Okun," ni Bàbá Ebenezer dáhùn. "Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ìbẹ̀rẹ̀ dáa o, kí n má parọ́. Lois lẹ́nu ọ̀rọ̀, ó sì mọ àwọn ọmọ tọ́jú. Ó mú rúlà kan, ó lọ síbi fèrèsé tó ní ọ̀pá irin, ó ní kí ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú, Virtue, gbìyànjú láti ti rúlà náà gba àárín ọ̀pá méjì kọjá. Nígbà tí Virtue mú un dùbúlẹ̀, kò gbà. Nígbà tó mú un dúró, ó kọjá wọ̀ọ́. Lois wá sọ fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì máa ń gbọ̀n sí gbogbo ìhà, sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì àti gbogbo àárín wọn, ṣùgbọ́n fíltà ní ìhà kan ṣoṣo tó máa ń gbà. Èyí tó bá kọjá fíltà àkọ́kọ́, ìhà kan náà ló kù tó ń gbọ̀n sí. Nítorí náà, bí fíltà kejì bá kọjú sí ìhà tí ti àkọ́kọ́ kọjú sí, ìmọ́lẹ̀ á kọjá. Bí wọ́n bá dábùú ara wọn, kò ní sí èyí tó máa kọjá.

"Tó bá wá wà láàárín méjèèjì ńkọ́?" ni Virtue béèrè.

"Ìbéèrè tòótọ́ nìyẹn!" Lois fi ẹfun kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù. "Ẹ wá kọ́sáìnì igun tó wà láàárín wọn. Ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Iye ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá nígbà tí wọ́n dọ́gba, ẹ fi èyí tí ẹ bá rí sọ ọ́ di púpọ̀. Ó parí. Kí ni kọ́sáìnì 60?"

"Ìdajì!"

"Ṣé ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló máa kọjá nìyẹn?"

Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Virtue ronú díẹ̀, ó ní, "Rárá, mà. Ìdajì lọ́nà ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin."

Ẹ ò rí i bí ojú Madam Cecilia ṣe là! Lois rí i, ọkàn rẹ̀ sì fẹ́ balẹ̀. Ó ti fèrèsé, ó tan tọ́ọ̀ṣì inú páálí. Láìsí fíltà kankan, fóònù kọ 1000. Ó ki fíltà àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, ó di 420. Ó ṣàlàyé pé ìdajì ni fíltà àkọ́kọ́ máa ń gbà kọjá, pé díẹ̀ tó dín sí i ni ike fúnra rẹ̀ jẹ. Gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Ó wá gbé fíltà kejì sí i, ó yí ọfà sí òdo.

Fóònù kọ 180.

Nígbà tó dán an wò ní Ìyàrá, 360 ló rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá ò fẹ́ gbọ́ ohun tí kò dùn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ike tuntun yìí nípọn ni, pé ike mọ́tò ò lè dán tó ike fóònù. Ó gbé 180 sójú bọ́ọ̀dù. "Èyí ni ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá nígbà tí wọ́n dọ́gba. Bí a bá yí i dé 60, èló la retí?"

Gbogbo kíláàsì ní, "45!"

Ó kọ 45. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí Virtue wá yí ọfà sápá ọ̀tún dé 60, kó ka ohun tí fóònù bá sọ sókè kí gbogbo ayé gbọ́.

Virtue yí i. Ó tẹjú mọ́ fóònù.

"Èló ni?"

"Mà..." Ọmọ náà gbójú sókè, ó tún wo fóònù. "335, mà."

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn kíláàsì, lẹ́yìn náà ló dákẹ́ lójijì, nítorí àwọn ọmọ náà rí ojú Lois. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú ọyẹ́. A ní kí ìmọ́lẹ̀ dín kù, ó lé sí i! Bí 45 bá di 50, èèyàn á ní ọwọ́ ló gbọ̀n. Bí ó bá di 60, èèyàn á ní iná ìta ló yọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n 335? Lois yí i padà sí òdo, 180. Ó yí i dé 60, 335. Ó gbọ́ ohùn Fìyìn ní etí rẹ̀ kedere, ṣé ẹ̀ẹ̀kẹta á dáa? Ọkùnrin ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ gbé ojú kúrò nínú fóònù rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìṣòro nìkan ni irú wọn máa ń rí.

Bàbá Ebenezer fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Tísà."

"Sà."

"Fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò le. Ohùn àánú ni, ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù. "Gbogbo wa la mọ èsì. O ti kọ ọ́ síbẹ̀. Jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ 45 sínú ìwé wọn, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ọjọ́ ń lọ."

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí àgbà bá na ọwọ́ sí ẹni tó bọ́ sómi, ṣé èèyàn á ní òun ò dì í mú? Bàbá ti fún un ní ọ̀nà àbáyọ. Kó kàn ní "ẹ ṣeun, sà," kó ti páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó béèrè ìbéèrè ìkẹyìn, kó fún wọn ní iṣẹ́ àmúrelé, kó sì jáde. Kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Lois ti lanu pé òun ó sọ ọ́, àní ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

Ni ó bá rí Virtue. Ọmọ náà ti padà sáyè rẹ̀. Ó ti kọ 335 sínú ìwé tẹ́lẹ̀, ó sì ń fi rọ́bà pa á rẹ́ kíá kíá, ó ń fẹ́ eérú rẹ̀ kúrò, kó lè kọ 45 síbẹ̀. Ọmọ tó fi ojú ara rẹ̀ rí i! Kò tiẹ̀ bínú, kò béèrè nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti ilé ìwé kékeré nìyẹn: bí ojú ẹ bá rí ohun tí ìwé ò sọ, ojú ẹ ló jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ Lois nígbà tiẹ̀. Inú bí i, ó bí i gan-an, kò sì mọ ẹni tí yóò dà á lé lórí.

Ó kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì ló fi kanlẹ̀ níwájú kíláàsì. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n kọ 45. Iná yẹn ò sọ 45. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i."

Madam Cecilia fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Ebenezer wò ó títí, kò sọ pé ó yá, kò sọ pé kò yá. Lois dìde, ó kọjú sí àwọn ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ronú sókè, nítorí bó bá dákẹ́, ẹkún ló máa sun.

"Virtue, tún 335 rẹ kọ. Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Kí ni kọ́sáìnì òdo?"

"Ọ̀kan, mà."

"Ṣé kọ́sáìnì kan wà tó ju ọ̀kan lọ?"

"Kò sí."

"Ó dáa. Nígbà tí fíltà méjèèjì bá dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá ti pọ̀ dé góńgó nìyẹn. Kò sí ibi tí a lè yí i sí tó máa fi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ike ìbáà nípọn bí pátákó, ó kàn máa dín gbogbo rẹ̀ kù ni, kò lè sọ kékeré di ńlá. Àwa sì ti rí ibi tó ju ti òdo wa lọ. Kí ló wá túmọ̀ sí?"

Aago tó wà lára ògiri ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, Lois sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń kan ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kéré. "Mà, àbí òdo wa kì í ṣe òdo?"

"Hẹ̀n-ẹ́n!" Ariwo náà bọ́ lẹ́nu Lois kó tó mọ̀. "Òdo wa kì í ṣe òdo! Ọfà yìí ló ń purọ́. Èmi ni mo yà á. Ike tuntun ni mo fi sí i láàárọ̀ yìí, mo ṣe bí etí rẹ̀ ni ìhà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ti tẹ́lẹ̀ rí. Mi ò wò ó. Báwo la ṣe máa wá mọ òdo tòótọ́?"

Virtue ní, "Ká wá ibi tó ti mọ́lẹ̀ jù."

"O gbìyànjú. Ṣùgbọ́n wá yí i níbẹ̀ yẹn, kí o rí i." Virtue wá, ó yí ọfà sí ogójì, ó yí i sí àádọ́ta. Fóònù ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ibi gbogbo níbẹ̀ ló mọ́lẹ̀, èèyàn ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ibí gan-an ni. "Ṣé o rí i? Ibi tó mọ́lẹ̀ jù kì í tètè jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Òkùnkùn ni kì í tan èèyàn jẹ. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni fíltà méjèèjì ti dábùú ara wọn. Ẹ ka 90 kúrò níbẹ̀, ẹ ti dé òdo."

Ó yí ọfà lọ sápá òsì fúnra rẹ̀. 180 di 90, ó di 40, ó di 12. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti dìde dúró. Ó yí i díẹ̀ sí i, ó di 2. Ó kọjá díẹ̀, ó tún gòkè sí 5, ó dá a padà. 2. Ọfà irọ́ náà kọjú sí 45 lápá òsì. Inú páálí ṣú dùdù bí ẹni pé tọ́ọ̀ṣì ti kú, bẹ́ẹ̀ ó ń tàn.

"90 ló yẹ kó kọjú sí níbí. Dígírì 45 ló fi ṣì wá lọ́nà," ni Lois wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń dúró. Ó mú bírò, ó fa ọfà tuntun pupa sára páálí roboto náà, ní ojú ibi tó kọjú sí 90 lápá òsì. Lẹ́yìn náà ló yí ọfà pupa sí òdo. Fóònù kọ 360.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. 360 ni ìmọ́lẹ̀ wa. Ní 60 dígírì?"

"90!"

"Virtue."

Virtue yí i. Lois ò wo fóònù. Ó wo ojú ọmọ náà, nítorí bí nǹkan bá tún burú, ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ.

"92, mà," ni Virtue wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Kíláàsì dàrú. Wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń pariwo bí ẹni tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Àárín ariwo náà ni agogo dún. Gbogbo ìbéèrè ìkẹyìn, gbogbo iṣẹ́ àmúrelé, kò ráyè ṣe ìkankan. Lois mọ̀ pé máàkì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bàbá Ebenezer ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ ń lọ, kò gbọ́. Ayọ̀ ojú rẹ̀ sá lọ bó ṣe wá.

"Ẹ jáde díẹ̀, Àǹtí Lois," ni Madam Cecilia wí. "A fẹ́ bi àwọn ọmọ léèrè ọ̀rọ̀."

Ó gbé páálí rẹ̀ jáde, ó jókòó sábẹ́ igi káṣú lẹ́bàá fèrèsé. Kò jẹ́ gbé ara lé ìrètí. Ó ti ko àgbà lójú, níwájú èrò, ní Kàbà níbi tí ọ̀rọ̀ kì í ti í pẹ́ dé Ifẹ̀-Olúkòtún. Ta ló máa fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nílé? Ó ń ro bí òun á ṣe sọ ọ́ fún ọmọ, ọ̀rọ̀ tí òun á fi bẹ̀rẹ̀. Ó wo fóònù nínú páálí, kò lè na ọwọ́ sí i.

Ohùn Bàbá Ebenezer gba ojú fèrèsé jáde. "Ní 30 dígírì, èló ló máa kọjá?"

"Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, sà!"

"Ó dáa. Bí ẹ bá gbé fíltà kalẹ̀, tí ẹ̀rọ wá sọ iye míì, ńkọ́?"

Lois ti di etí páálí mú. Ó dájú pé wọ́n ti bi àwọn ọmọ tí Philip kọ́ ní irú ìbéèrè yìí láàárọ̀, pé àwọn yẹn sì ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ nìyẹn.

Virtue ló dáhùn. "Sà, a ò ní tíì pa á rẹ́. A ó kọ́kọ́ wá ibi tó ti ṣókùnkùn."

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bàbá Ebenezer ló jáde, òun nìkan, ó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ lábẹ́ oòrùn. Lois fò dìde, ó ti ń kúnlẹ̀.

"Dìde. Ìwọ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu."

"Ẹ má bínú, sà."

"Ṣé mo ní mò ń bínú ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kùn fún orúnkún rẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi dé ẹnu páálí. Ó fi ọwọ́ àgbà yí páálí roboto náà. Ó yí i, ó yí i. Nígbà tí ibẹ̀ ṣú, ó dúró. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Mo fi ẹfun kọ ọ́ fún àwọn ọmọ títí irun mi fi funfun. N kò rí i rí."

Nígbà tí bàbá dìde, Lois bẹ̀rẹ̀ sí di páálí náà, ó ń wá okùn rẹ̀.

"Kí lo ń ṣe?"

"Mò ń dì í ni, sà. Mọ́tò Ìyàrá—"

"Kí lo fẹ́ padà lọ ṣe ní Ìyàrá?" Bàbá Ebenezer ti yíjú sí kíláàsì, ó ń lọ. "Gbé e sí yàrá físíìsì. Ibí lo ó ti máa lò ó."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Lois. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi káṣú, pẹ̀lú aṣọ ìjáde, ó yọ fóònù kúrò nínú páálí, ó sì pe Ifẹ̀-Olúkòtún. Kò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n fi gbé e.

"Màmá?" Ohùn ọmọ náà kéré, ohùn ẹni tó ti mọ bí a ti ń tu ara ẹni nínú. "Ṣé kí n tú ẹrù ni?"

"Má tú u o," ni Lois wí. "Fìyìn, ọmọ mi, má tú u. Gbé e, kí o máa bọ̀."